Òògùn Tí Ìyá Aláṣọ Kò Lò Rí

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Apòògùn ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní oníbàárà kan tí màá pè ní Ìyá Aláṣọ níbí, nítorí aṣọ ló ń tà. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fa káàdì òògùn yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó gbé e lé orí káńtà. Ó ní, "Dókítà, ọjọ́ ti kọjá lórí eléyìí. Ẹ bá mi fún mi ní tuntun. Ìwé tí wọ́n kọ fún mi ní ọsibítù nìyí."

Mo gba káàdì náà, mo yí i síwá sẹ́yìn. Hóró mẹ́wàá ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì pé síbẹ̀. Bébà dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti họ níbi tí ìka ti ń fi ojoojúmọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò sí ojú kan tí wọ́n já.

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ò lo ẹyọ kan ṣoṣo?"

Ó ní, "Mi ò lò ó rí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nínú báàgì mi, mi ò lè kọjá Iwo Road."

Mo ti ka nípa irú ìwà yìí nígbà tí mo wà ní ilé ìwé. Kíkà nínú ìwé yàtọ̀ sí kí èèyàn dì í mú lọ́wọ́. Òògùn tí kò wọ ẹnu, tí kò dé inú, tí kò bá ẹ̀jẹ̀ pàdé, ọ̀nà wo ló gbà di ohun tí obìnrin tó ń ná ọjà ńlá kò lè fi sílẹ̀ nílé?

## Ẹrù inú báàgì

Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni àìsàn Ìyá Aláṣọ ti bẹ̀rẹ̀, lórí afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà láti Ọ̀wọ̀rọ̀ǹṣòkí lọ sí Erékùṣù Èkó. Ọjà Balógun ló ń lọ. Láìsí ìjà, láìsí ìròyìn burúkú, àyà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń rìn ín wìnnìwìnnì, òòyì ń kọ́ ọ, ó sì dá a lójú pé òun fẹ́ dákú síbẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ léraléra, dókítà ní àìsàn ìpayà ni. Ó kọ brómásípáámù mílígíráàmù 3 fún un, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Lexotan, ó ní kí ó lo ẹyọ kan bí ó bá di dandan.

Láti ìgbà náà ni báàgì rẹ̀ ti ń wúwo. Òògùn yẹn ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni omi inú ike, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀fun òun lè dí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọ́mtọ́m àti àbọ́nííkì, àti fóònù tí báńtìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí nínú ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń sìn ín lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, yóò fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, yóò máa ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bí ó bá sì padà sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wa ló ń yà sí kí a bá a wọn ìfúnpá. Àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo irú nǹkan báwọ̀nyí ní ìwà ààbò.

Ohun tó sọ nípa òògùn náà ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní bí àyà òun bá ti já, òun á ti ọwọ́ bọ báàgì, òun á fi ìka kan káàdì náà, láìpẹ́ ara òun á sì rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú òògùn wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí èèyàn bá tilẹ̀ gbé brómásípáámù mì, ó lè tó wákàtí kan sí méjì kí ó tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìpayà òjijì ní tirẹ̀ kì í pẹ́ kó tó le jù. Ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé hóró kan mì tó ní ara òun balẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kò purọ́, ara rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Òògùn náà kọ́ ló ṣe é. Kó tó ráyè ṣiṣẹ́ ni ìpayà ti ń palẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, yálà Ìyá Aláṣọ gbé e mì tàbí ó fọwọ́ kàn án lásán, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ń já sí. Ìpayà ń lọ nígbà tí àsìkò lílọ rẹ̀ bá tó, òògùn ló sì ń gba ọpẹ́.

## Ìdí tí ẹgbẹ̀rún ìgbà kò fi kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1986, David Clark, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù, gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń tọ́jú àìsàn yìí ṣì ń lò. Ó ní ìpayà máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fi àmì kékeré kan lára rẹ̀ túmọ̀ sí àjálù. Àyà lù kìkì, ó ní ọkàn òun fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Òòyì kọ́ ọ díẹ̀, ó ní òun ń dákú lọ. Ìtumọ̀ yẹn á da ẹ̀rù bò ó, ẹ̀rù á mú kí àyà túbọ̀ lù, àyà tó ń lù á wá di ẹ̀rí pé òótọ́ ni òun rò. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ara ẹ̀dá tí kì í mì, tí kì í ta, tí kì í lù. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ yóò máa rí nǹkan níbẹ̀ ṣáá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù. Bí èèyàn bá ti rò pé òun ń kú nígbà àìlóǹkà, tí kò sì kú rárá, ṣé kò yẹ kí ó ti mọ̀ pé irọ́ ni? Paul Salkovskis, tí òun àti Clark jọ ń ṣiṣẹ́, ló dáhùn rẹ̀ ní ọdún 1991. Ó ní wọn kò kẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ṣe nǹkan kan tí wọ́n gbà pé ó yọ wọ́n nínú ewu.

Ẹ wo ọkùnrin tó ń de oǹdè mọ́ ìdí ní gbogbo ìgbà tó bá ń rìnrìn àjò. Ó ti lọ sí Sókótó, ó ti bọ̀, ọkọ̀ kò dà á nù. Kò ní sọ láéláé pé ọ̀nà dára tàbí pé dírẹ́bà mọṣẹ́. Bí ó ṣe ń dé láyọ̀ ni òkìkí oǹdè ń kàn sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà mọ̀ bóyá oǹdè náà ń ṣe nǹkan kan ni kí ó rìn láìdè é, ẹni tó sì gbà á gbọ́ jù lọ ni kò ní dán an wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káàdì òògùn inú pọ́ọ̀sì. Bí Ìyá Aláṣọ bá ti Èkó dé láìdákú, kò rí i pé òun kì í ṣe ẹni tó ń dákú. Ohun tó mú bọ̀ wálé ni pé díẹ̀ ló kù kí òun dákú, ọpẹ́lọpẹ́ òògùn. Ìrìn àjò tó yẹ kó pa ẹ̀rù ni ẹ̀rù ń jẹ yó.

Àwọn ìwà ààbò mìíràn tún burú ju èyí lọ, torí àwọn gan-an ló ń bí ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹni tó rò pé afẹ́fẹ́ kò tó òun yóò máa mí kíkankíkan. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wálẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ yóò fún díẹ̀, òòyì yóò dé, ètè àti ìka yóò máa rìn ín wìnnìwìnnì. Yóò wá tún mí sí i nítorí òòyì tí mímí fà. Ẹni tó ń le ẹsẹ̀ gandi kí ó má baà ṣubú, ẹsẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹni tó ń gbé itọ́ mì léraléra láti mọ̀ bóyá ọ̀fun òun ṣí, ọ̀fun á fún un. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ọ̀rọ̀ dídákú gan-an, ó yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀rù tó wọ́pọ̀ jù tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Kí èèyàn tó dákú, ìfúnpá rẹ̀ sábà máa ń já wálẹ̀ lójijì. Nígbà ìpayà, ọkàn ń sáré, ìfúnpá sì sábà máa ń gòkè. Ìdí nìyí tí dídákú nínú ìpayà fi ṣọ̀wọ́n, bó ti wù kí òòyì náà lágbára tó. Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ yàtọ̀, ìfúnpá tiwọn lè já wálẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣàlàyé èyí fún Ìyá Aláṣọ ní káńtà, ó gbọ́ ọ yé, ó mi orí, ó sì gba káàdì tuntun rẹ̀ lọ. Àlàyé kò lágbára tó oǹdè.

## "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè"

Ohun tó yí i padà ṣẹlẹ̀ ní yàrá saikọ́lọ́jísìtì kan tí dókítà rẹ̀ darí rẹ̀ sí. Obìnrin ni, ọ̀dọ́ sì ni. Ìyá Aláṣọ sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí ó ti sì ń sọ ọ́ ló ń fi ara ṣe é.

Saikọ́lọ́jísìtì náà kọ́kọ́ bi í pé kí ni òun rò pé yóò ṣẹlẹ̀ gan-an bí òòyì bá kọ́ òun tí kò sí nǹkan láti dì mú. Ó ní òun á ṣubú, òun á dákú. "Nínú 100, mélòó ni ó dá yín lójú tó?" Ó ní 90. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá ní kí ó dìde, kí ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àti tábìlì, kí ó dúró sí àárín yàrá, kí àwọn méjèèjì máa mí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú méjì.

Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi dé: òòyì, wìnnìwìnnì, àyà tó ń lù bí ìlù. Ó na ọwọ́ sí tábìlì. Saikọ́lọ́jísìtì náà kò pariwo, kò sì kí i pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ ká ọwọ́ yín kò." Ó ká ọwọ́ kò. Yàrá ń yí, òun sì dúró. Obìnrin náà wá sọ ohun tí kò retí rárá: "Ó dáa, ẹ gbìyànjú láti dákú báyìí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè."

Níbi tó ti ń sọ ọ́ fún mi ló ti bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè níwájú káńtà, oníbàárà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó bí ẹni pé nǹkan ṣe é. Ó ní, "Dókítà, mo gbìyànjú o! Mo fẹ́ dákú, dídákú kọ̀!" Nígbà tí wọ́n tún béèrè, 90 ti di 30.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òun kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òòyì kọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òòyì kọ́ ọ tí kò sí ohun kan tó lè gba ọpẹ́ ni. Bí ó bá di tábìlì mú ni, ó kàn máa padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé tábìlì ló gba òun là. Ní ọdún 1999, Salkovskis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín àwọn tó ní àìsàn ìpayà tí wọn kò sì lè dá jáde. Wọ́n mú gbogbo wọn wọ ibi tó ń bà wọ́n lẹ́rù fún àkókò tó dọ́gba. Wọ́n ní kí apá kan fi ìwà ààbò sílẹ̀ kí wọ́n fi wò bóyá ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù yóò ṣẹlẹ̀, apá kejì kàn dúró síbẹ̀ títí ara fi mọ́ ọn. Apá àkọ́kọ́ ni ara rẹ̀ yá sí i jù. Èyí ni mo fi ń dá àwọn tó ń sọ fún mi lóhùn pé, "Mò ń lọ sí gbogbo ibẹ̀ náà, ẹ̀rù kò kàn lọ ni." Kí lẹ mú dání nígbà tí ẹ ń lọ?

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, wọn kò gba gbogbo ẹrù báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù. Òògùn náà kúrò nínú pọ́ọ̀sì, ó wọ inú ẹrù tó wà ní búùtù ọkọ̀, níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni òògùn náà wá ń dúró sílé. Ṣáájú ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, yóò kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ àti bí ó ṣe dá a lójú tó. Bí ó bá dé, yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ìwọ̀n tó yẹ kí èèyàn fi yára. Ní ọdún 2008, Rachman, Radomsky àti Shafran kọ̀wé pé bí wọ́n bá fi ọgbọ́n lo ìwà ààbò díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀rù bà gan-an gbà láti bẹ̀rẹ̀. Èmi fara mọ́ ọn, níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ tí òògùn yóò kúrò ní búùtù bá ti wà nínú ìwé. Búùtù tí kò ní ọjọ́ á di pọ́ọ̀sì míì.

## Bí ohun kan bá lọ, òmíràn lè gba ipò rẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n fi òògùn sílẹ̀, wọ́n di tọ́mtọ́m mú. Wọ́n fi tọ́mtọ́m sílẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀ nínú fídíò, wọ́n sì wá ń mí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bí àwọn bá dáwọ́ dúró, nǹkan yóò ṣẹlẹ̀. Kí èèyàn mí jẹ́jẹ́ kò burú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, Norman Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtọ́jú tó ní ẹ̀kọ́ mímí nínú wé èyí tí kò ní in, wọn kò sì rí i pé ẹ̀kọ́ náà fi àǹfààní gidi kún un.

Ìbéèrè tí saikọ́lọ́jísìtì náà fi kọ́ Ìyá Aláṣọ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: "Bí mi ò bá ṣe eléyìí, kí ni mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé òǹgbẹ á gbẹ mí, omi lásán ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀fun mi á dí tí màá kú, ìwà ààbò ni, bó jẹ́ omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo. Àdúrà náà wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ ni. Ẹni tó gbàdúrà kó tó jáde ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Ẹni tó ń ka Sáàmù kan náà láìdánudúró títí afárá fi tán, tó gbà pé bí òun bá fo ẹsẹ kan ọkàn òun yóò dúró, òun àti pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀ lè jọ sọ ọ́.

Ẹ̀rọ ìfúnpá orí káńtà wa ńkọ́? Mo ṣì ń wọn ìfúnpá fún ẹni tó ní àrùn rẹ̀, ní ọjọ́ tí dókítà rẹ̀ yàn. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ dára, tó wá ní àárọ̀, tó tún dé ní ìrọ̀lẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, mo máa ń bi í ní ohun tó ń bẹ̀rù kí n tó mú ẹ̀rọ. Inú àwọn kan kì í dùn sí i.

## Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá wí

Ẹ jọ̀ọ́, kí alásìímà má ka èyí kó wá sọ ẹ̀rọ ìfàmí rẹ̀ nù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lóòótọ́, tí wọ́n fún ní òògùn abẹ́ ahọ́n, ẹni tó ní sìkúsẹ̀ẹ̀lì, ẹni tí dókítà ní kó máa mú nǹkan dídùn dání nítorí àtọ̀gbẹ, ohun tó ń ṣe wọ́n ni òògùn wọn ń tọ́jú. Ẹni tí àyà ń dùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ọsibítù ló ń lọ. Òògùn ojoojúmọ́ tí dókítà kọ fún àìsàn ìpayà, bíi sẹtíráláìnì, kì í ṣe ìwà ààbò bí èèyàn bá ń lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Èyí tó sì léwu jù ni kí ẹni tó ti ń gbé brómásípáámù tàbí òògùn ẹbí rẹ̀ mì lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan dá a dúró lójijì. Ìyá Aláṣọ kò lò ó rí, ìdí nìyí tí ó fi lè fi í sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan. Ara ẹni tó ń lò ó ti mọ́ ọn, bí ó bá sì dá a dúró gbì, ó lè máà rí oorun sùn, ó lè máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè mú un. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà lára Ìyá Aláṣọ, ọmọ rẹ̀ ló ṣòro jù láti yọ kúrò, nítorí kò ṣeé gbé sí búùtù. Wọ́n gbà pé kí ọmọ máa wọ ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ó dúró sí Ìbàdàn. Fóònù wá di ọ̀nà àbùjá. Bí ìyá bá pè láti orí afárá, tó ní, "Ṣé kò ní sí nǹkan?", ìdáhùn ọmọ látijọ́ ni, "Kò ní sí nǹkan, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ mí kànlẹ̀." Saikọ́lọ́jísìtì ní kí ó yí i padà. Ní báyìí, ohun tó ń sọ ni, "Kí lẹ kọ sínú ìwé yín láàárọ̀? Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá á ṣẹlẹ̀," yóò sì pa fóònù. Ọmọ náà sọ fún mi pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣe ló dà bí ẹni pé òun ya ọ̀dájú sí ìyá òun, òun sì sunkún. Ìyá rẹ̀ kò pe padà títí tó fi dé Balógun, ìgbà tó sì pè, iye tí wọ́n ń ta lééṣì ló fẹ́ sọ.

Ìpayà ṣì ń bá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí kò bá sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ṣì ń jókòó sí. Òun àti saikọ́lọ́jísìtì rẹ̀ ti fi ìyẹn sí orí ìwé fún ìrìn àjò tó ń bọ̀.